Aago Kẹta Lára Ògiri

Kó, kó, kó. Aago mẹ́ta ló wà lára ògiri ọ́fíìsì náà, kò sì sí méjì nínú wọn tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Ti Tókíò á kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀nù á gbè é, ti Niu Yọ́ọ̀kì á wá máa wọ́ tẹ̀lé wọn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ogún ọdún tí bàbá náà ti kúrò níbẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin lókèèrè ló ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n ìró yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Òwò wúrà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ojú Idì ni wọ́n ń pe bàbá náà nígbà yẹn, òun sì ni olórí àwọn òǹtajà. "Wúrà kì í sùn," ló máa ń wí, "àwọn tó ń rà á ló ń sùn." Òótọ́ sì ni. Bó bá jẹ́ àwọn ará Tókíò àti Ṣáńgháì nìkan ló jí, ọjà á fẹ́lẹ́. Iye tí wọ́n ń rà á á jìnnà sí iye tí wọ́n ń tà á, ẹni tó bá sì da ẹrù ńlá sílẹ̀ lásìkò yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ti iye lulẹ̀. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá ṣílẹ̀kùn, èrò á dé, àlàfo á sì dín. Bí Niu Yọ́ọ̀kì bá tún bá Lọ́ńdọ̀nù lọ́jà, ọjà á kún fọ́fọ́, ẹrù ńlá á kọjá láìmi nǹkan kan. Àfi ìṣẹ́jú tí ìròyìn ìjọba Amẹ́ríkà bá ń jáde. Nígbà náà, gbogbo olówó á ká ọwọ́ kò, iye á sì fò bí ẹyẹ tí òkò bà. Òfin ọ́fíìsì ni pé kí ìròyìn tó dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di wúrà mú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, gun àga lójú gbogbo èèyàn, ó sì yí aago Niu Yọ́ọ̀kì síwájú ní wákàtí kan.

"Kí ló dé, ìyá aláago?" ni Ojú Idì bi í. "Lọ́ńdọ̀nù kò yí, àwa kì í yí rárá."

"Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ti yí tiwọn ní Sọ́ńdè. Ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì di ìparí oṣù."

"Oṣù kẹrin ni Amẹ́ríkà ń yí aago síwájú fún ìgbà ooru! Ìgbà tí o ṣì ń kọ́ ABD ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ti yí òfin yẹn padà lọ́dún yìí, sà."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹyẹ ológoṣẹ́ fẹ́ kọ́ idì ní fífò."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó lọ mú bébà ní yàrá ẹrù. Kó tó padà, Ojú Idì ti na ọwọ́, ó ti dá aago náà padà. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ó ti ra wúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fẹ́ tà á kí ìròyìn tó jáde. Ó fi àṣẹ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà pé bí iye bá já dé ibì kan, kó tà á kíá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti Niu Yọ́ọ̀kì ni ìwé kọ pé ìròyìn máa jáde. Ó wo ògiri: ó ku díẹ̀ kí méje ààbọ̀ lù. Ó ní òun ráyè, ó lọ po tíì.

Ṣíbí ṣì wà nínú ife nígbà tó gbọ́ ariwo. Ìròyìn ti jáde. Iye wúrà ti já, ó sì fo ibi àṣẹ náà kọjá nítorí pé kò sí olùrà kankan lójú ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kọ̀ǹpútà ti rí ẹni tà á fún.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà jáde, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ògiri.

"Aago yìí fi wákàtí kan pẹ́! Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni mo yí i, sà," ni ọmọbìnrin náà wí, "ṣùgbọ́n iwájú ni mo—"

Ó wo aago náà: ó ti padà sẹ́yìn. Ó yíjú, ó wo Ojú Idì. Kì í ṣe ìwò ìbínú; ìwò ẹni tó ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ojú Idì wo bàtà ara rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun bàtà náà láàárọ̀ yẹn ni.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin náà kó ẹrù rẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Ibi tí bàbá ń gbé báyìí, wọ́n ń yí aago. "Bàbá, ẹ má gbàgbé aago yín o," ni ọmọ rẹ̀ máa ń ké láti ilé ìdáná lóṣù kẹta ọdọọdún, ìtìjú á sì gbá a lójú bí ooru ààrò. Lọ́dún yìí, ó ti gba nọ́ńbà obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé wọn nígbà náà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó kọ "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ó pa á rẹ́. Ó kọ "Bóyá ẹ rántí mi," ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ta ni yóò gbàgbé irú rẹ̀? Ó jókòó ti fóònù títí tíì rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló fi èyí ránṣẹ́:

"Àbúrò mi, Ojú Idì ni. Aago rẹ tọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo dá a padà sẹ́yìn nígbà tí o lọ mú bébà, tí mo sì dákẹ́. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá pẹ̀lú, mo buwọ́ lù ú. Má torí ewú orí mi dárí jì mí."