Gbèdéke Tiwa

Ọmọbìnrin wa ní orúkọ tí a fún un, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ka òfin báàgì fún wa nídìí tábìlì oúnjẹ ni mo ti ń pè é ní Gbèdéke. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i. Ìyá rẹ̀ ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Báàgì awọ ni ìyàwó mi ń ṣe, láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ èrò. Ọwọ́ ló fi ń rán an, kò ní maṣíìnì rí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á wá sọ, ìyàwó mi á ṣe é, onítọ̀hún á gbé e kọ́ èjìká, á ní òun ń bọ̀ wá sanwó, ó di gbére. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sú ọmọ wa. Ó ní ká ṣe ogún péré, ká gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, kí àwọn ènìyàn sanwó sílẹ̀ ká tó fọwọ́ kan awọ. Tí ogún náà bá tà tán, a ó gba ṣọ́ọ̀bù tó wà níkòríta, ìyá rẹ̀ á kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn tí gílóòbù rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ó ka òfin rẹ̀ fún wa bí adájọ́. "Ìdajì owó ni àsansílẹ̀. Ẹni tí àsansílẹ̀ rẹ̀ bá wọlé nìkan ló ní àyè. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù la máa ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá yí ọkàn padà ká tó gé awọ, a ó dá owó rẹ̀ padà. Tí a bá ti gé awọ, kò sí ìdápadà. Owó tó kù gbọ́dọ̀ wọlé tán nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wá gba báàgì. Ẹni tó bá pẹ́, àsansílẹ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn á gba àyè rẹ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé báàgì lo fẹ́ tà ni, àbí o fẹ́ gbógun ti ìlú?"

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ èrò. Tí ọkọ̀ bá tó gbéra, ṣé ẹ máa ń dúró de ẹni tó ṣì ń wẹ̀ nílé?"

Ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì kó àwo oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ogún pọ̀."

"Màámi, ẹ ti ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí."

"Mo ní ó pọ̀." Ó gbé àwo tó kẹ́yìn lé orí ìyókù. "Ó dáa náà."

Ọmọ wa kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ọwọ́ ìyá òun nìkan ló rán gbogbo rẹ̀, láti ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kí oṣù tó parí, àyè ogún ti kún, àwọn mìíràn sì ń dúró lẹ́yìn. A ra awọ, a ra ìdè irin, ìyàwó mi gé awọ, ọmọ wa sì kéde fún gbogbo wọn pé wọ́n ti gé e. Látìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè gba owó rẹ̀ padà mọ́.

Kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́: òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì. Abẹ́rẹ́ wà ní orí òwú méjèèjì. Ìyàwó mi á fi irin ṣóńṣó dá ihò sí awọ, abẹ́rẹ́ kan á gba apá ọ̀tún wọ ihò náà, ìkejì á gba apá òsì wọ inú ihò kan náà, á wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á le. Ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ìda pa òwú kó lè máa yọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò lè fún mi ní iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ, pé ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún fọn fèrè ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti le jù.

Ọjọ́ tí owó tó kù gbọ́dọ̀ wọlé dé, gbogbo wọn san, àfi nọ́ọ̀sì kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni tirẹ̀ wọlé. Ọmọ wa dá owó náà padà fún un lójú ẹsẹ̀, ó fi àyè rẹ̀ fún obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì mú àsansílẹ̀ nọ́ọ̀sì dání.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà wa, pẹ̀lú bàtà funfun iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò pariwo. Ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ lòun wà mọ́jú, wọn kì í mú fóònù wọbẹ̀.

Ọmọ wa ní, "Ẹ má bínú, Mà. Òfin náà wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó."

"Mo kà á. Èmi ni mo pẹ́." Ó wo inú ilé, ó rí ìyàwó mi níbi tó jókòó sí, tí awọ wà láàárín orúnkún rẹ̀. "Mo kàn ń rò ó ni. Gbèdéke wà fún èmi. Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ bá pẹ́?"

Ọmọ wa ní a kì í pẹ́. Nọ́ọ̀sì kí wa, ó lọ. Ojú tì mí, mo sì sọ fún ọmọ wa pé ojú ń tì mí. Ó ní tí òun bá gba ti ẹnì kan, òun á gba ti gbogbo wọn, a ó sì padà sídìí "mò ń bọ̀ wá sanwó." Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ìyàwó mi ò bá wa dá sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé òwú lọ bá a tí mo rí ohun tó fi ń fa abẹ́rẹ́ yọ. Ẹ̀mú ni. Ẹ̀mú irin tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì ọkọ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ wú, ó ká sínú, kò ṣeé nà.

"Látìgbà wo?"

"Fi òwú síbẹ̀."

"Mo ní látìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀ kí ọmọ rẹ tó gbé òfin dé. Mo rò pé mo lè rán ogún sí i. Mo fẹ́ rí ṣọ́ọ̀bù yẹn." Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Mẹ́rìnlá ni mo rí rán."

Ọkàn mi bàjẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú láti ọ̀nà jíjìn, obìnrin tí mò ń sùn tì, mi ò gbọ́ tirẹ̀. Àwo tó ń fi ọwọ́ òsì kó nídìí tábìlì, ojú mi rí i, mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ wa gbọ́, ó sunkún, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé ọ̀kan nínú mẹ́fà tó kù lọ bá ọkùnrin tó ń rán awọ àga ọkọ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti gbé e dé. Ojú rírán náà gún régé, ká má purọ́, ó gún ju ti ìyàwó mi lọ.

Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ gé e, ẹ̀yin lẹ tò ó. Maṣíìnì kàn ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Àdàpè irọ́ nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ní kí n mú ọ̀bẹ wá. Ó gbé ọ̀kan nínú báàgì tó ti rán tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé ojú rírán kan níbẹ̀, ó ní kí ọmọ wa fà á. Ọmọ fà á títí, kò tú. Ó gé ẹyọ kan lára ti maṣíìnì. "Fa ìyẹn náà." Ọmọ wa fa òwú, ẹ̀gbẹ́ báàgì sì ń ya bí àpò sùgà, ìhà kan gbáko ló là sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òwú gígùn lọ́wọ́.

Ìyàwó mi ní, "Ohun tí wọ́n sanwó sí nìyẹn, pé kó má tú. Kí ni òfin rẹ sọ tó bá jẹ́ àwa la pẹ́?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Kọ ọ́ báyìí."

Ó jókòó, ó kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó kọjá agbára wa. Ìyá rẹ̀ ní kó pa á rẹ́, kó kọ pé ọwọ́ òun ti kọṣẹ́, òun sì mọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ó kọ pé kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba gbogbo owó wọn padà, pé awọ tí a ti gé kò kàn wọ́n. Wọ́n gbà á. Obìnrin báńkì bú wa tán kó tó gba tirẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù bá a lọ. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ó ku ti nọ́ọ̀sì. Ọmọ wa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé àsansílẹ̀ lọ bá a ní ọsibítù, ó sì gbé owó náà bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní báàgì lòun sanwó sí.

Èyí tó là sílẹ̀ nìkan la lè rán fún un, torí ihò maṣíìnì ti wà lára rẹ̀, ihò awọ kì í sì í dí, a ò ní í fi irin ṣóńṣó dá òmíràn. Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tókunbọ̀. "Wá jókòó síwájú mi," ó ní. Ó fi ọwọ́ òsì mú abẹ́rẹ́ kan, ó fún mi ní ìkejì. Ó ń ti tirẹ̀ bọ ihò láti apá tirẹ̀, mò ń ti tèmi láti apá tèmi, tó bá ní "fà," àwa méjèèjì á fà. Ó bú mi. Ó ní kí n tú u, mo tú u. Nígbà mìíràn, tí ojú rírán bá dọ́gba, a kì í sọ nǹkan kan, mo sì máa ń fẹ́ kí báàgì náà má parí.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá gbà á, ó yí i wò dáadáa. Ó fi ìka sí ibi tí abẹ́rẹ́ mi ti ṣìnà. "Ta ló rán ibí yìí?"

Ọmọ wa ló dáhùn. "Bàbá mi ni. Ọwọ́ ìyá mi nìkan kọ́ ló rán an. A dẹ̀ ti pẹ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, Mà, owó yín wà níbí."

Nọ́ọ̀sì gbé báàgì sórí tábìlì. "Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ náà, Mà."

Ìyàwó mi nà án sí i bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì tẹ oríkèé àtàǹpàkò, ó rọra gbìyànjú láti nà án, ó sì bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi sọ fún un. Nọ́ọ̀sì kò tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Mo ní kí n fi ṣàwàdà. Mo ní, "Ṣé ó ti kọjá gbèdéke ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àwa kì í fún èèyàn ní gbèdéke, Bàbá. A kàn máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè wá ni." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ẹ wá sí ọsibítù lọ́la, láàárọ̀. Èmi ni màá wà níbẹ̀."

Ọmọ wa mú fóònù láti kọ aago sílẹ̀, ó gbàgbé, ó kàn ń wo àtàǹpàkò ìyá rẹ̀.