Àkọlé Ímeèlì sí Ọ̀gá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá wa láàárín ọjọ́ méjì, kò sì ṣí ẹyọ kan. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi. Ilé ìwòsàn ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹbí kankan ò bá bá wọn wá, àwọn ò ní ṣe é, ó di oṣù mẹ́rin sí i. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Nílé ìtẹ̀wé wa, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń ti ìwé orúkọ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí orúkọ ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ó parí.

Aago mọ́kànlá ti lù. Ọ̀gá wà ní ẹ̀ka wa kejì, ó ń ti ìpàdé bọ́ sí ìpàdé, kò sì gbé ìpè mi. Inú bí mi débi pé mo ń bá ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà jà.

Àǹtí Bírò ló gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn nípa ímeèlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ló ń yọ àṣìṣe inú ìwé, ṣùgbọ́n ó ti ṣe akọ̀wé ọ̀gá fún ọdún mẹ́wàá.

"Kí lo kọ sí àkọlé?"

"Àkọ́kọ́, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa, ẹ kú àbójútó.' Èkejì, 'Ìrántí.' Ẹ̀kẹta, 'PÀJÁWÌRÌ!!!'"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹni tí yíǹkì ẹ̀ tán náà ń kọ pàjáwìrì. Igba ímeèlì ló ń wọlé fún un lójúmọ́, orí fóònù ló ti ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló sì ń hàn. Kí lo fẹ́ kó ṣe gan-an?"

"Kí n má kí ọ̀gá, Àǹtí? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

"Kí i nínú ímeèlì. A kì í kúnlẹ̀ nínú àkọlé."

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ tuntun, kí n má so ó mọ́ ti àtijọ́. Mo kọ 'Iṣẹ́ abẹ màmá mi.' Ó mi orí. "Àánú á ṣe é, àmọ́ kò tíì mọ ohun tó máa ṣe." Níkẹyìn a kọ ọ́ báyìí: 'Ẹ fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ méjì fún mi ṣáájú aago méjì òní: iṣẹ́ abẹ màmá mi lọ́la.' Nínú rẹ̀, mo kí i ní ìlà kan, mo sọ ẹni tí yóò dúró nídìí ẹ̀rọ mi, mo ní kó kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí èsì dé. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ ẹ. Ọlọ́run á ṣe é ní rere." Mo kúnlẹ̀ fún Àǹtí Bírò lórí àwọn bébà tí mo gé dànù, ọpẹ́ kún inú mi.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì tú ohun tí wọ́n fi bo ojú màmá mi. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fọwọ́ kan orí mi.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni o hu ewú?"