Ìwé Ìwọ̀n Ikùn

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n sọ fún mi ní Sakété pé ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọ̀rẹ́ mi Pacôme, tó ń fi alùpùpù kó èrò, ló gbé mi láti Pobè. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àárẹ̀ ti ń mú mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ti fi hàn pé ara ẹ̀dọ̀ mi kò yá. Dókítà Mireille fi nǹkan tútù kan pa ikùn mi, ó gbé ẹ̀rọ lé e, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ wo ẹ̀dọ̀ yín, bó ṣe funfun tó ń dán. Ẹ̀dọ̀ tó dára kì í rí báyìí. Ṣé ẹ ń mu sódábì, Bàbá?"

"Rárá, Dókítà."

"Bíà ńkọ́? Ẹmu?"

"N kò mu ọtí kankan rí láyé mi."

Kò bá mi jiyàn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ní kòkòrò tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àmọ́ ṣúgà inú rẹ̀ ti ń gòkè díẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sórí ìwọ̀n. Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí n kò fi mutí rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, pa bàbá mi ní abúlé wa ní apá Takon. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, èmi ni mo sì ń fọ ẹní rẹ̀ láràárọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ìyá mi pé òun kò mu nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, mo di ọwọ́ ìyá mi mú, mo ṣèlérí fún un pé ọtí kò ní kan ẹnu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ìjọ wa, níbi tí ọtí ti jẹ́ èèwọ̀, tí mo sì di ẹni tó ń rán aṣọ funfun fún gbogbo ìjọ ní Pobè. Ní òpin ọdún 2023 yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn mí sípò nínú ìjọ. Ìyá mi ti ra gèlè tó máa wé lọ́jọ́ náà.

Arlette, ìyàwó mi, ló ní kí ìjọ gbàdúrà fún ẹ̀dọ̀ mi. Kò ní èrò búburú kan lọ́kàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Léonce, alàgbà wa, pè mí sẹ́yìn ilé àdúrà.

"Ṣóbándé, kí ló máa ń ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́?"

"Bàbá, dókítà ní ọ̀rá ni, kì í ṣe ọtí."

"Ọ̀rá kẹ̀? Ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ́ ni? Ogójì ọdún ni mo ti wà nínú ìjọ yìí. N kò tíì rí ẹni tó ń mu omi tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bàbá tó bí ọ ńkọ́? Àbí mi ò mọ̀ ọ́n?"

Ó ní kí n máa jókòó lẹ́yìn, ó sì yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tí wọ́n máa fi òróró yàn.

Pacôme rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi tí mò ń mu ún ni ara mi le! Ìwọ tí ò ń mu maltà bí ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀mùtí! Wá mu ún wàyí, kí ẹ̀sùn náà lè bá ọ mu." Wọn kò tíì gbé ẹ̀rọ lé ikùn Pacôme rí.

Ọ̀rọ̀ náà dé Takon kí n tó dé ibẹ̀. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò wo ojú mi.

"Ìyá mi, mi ò mutí."

"Bí bàbá rẹ ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn," ó ní.

Mo pinnu láti gbààwẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi ń gbà á, láìjẹ láìmu láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi ìgò maltà méjì, odidi búrẹ́dì àti agolo mílíìkì aládùn kan ṣínu. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣínu nìyẹn. Nígbà tí mo padà sí Sakété, kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún náà ṣì ni mo wọ̀n. Dókítà Mireille ní kí n ka gbogbo ohun tí mò ń jẹ tí mo sì ń mu lójúmọ́.

Mo kà á. Nítorí pé a kì í mutí, maltà àti àwọn ohun mímu aládùn inú ìgò la fi ń ṣàlejò ara wa. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ máa ń ra ìgò kan fún mi. Ìgò mẹ́ta lójúmọ́, mẹ́rin lọ́jọ́ Àìkú. Gàrí àti ṣúgà ní ọ̀sán. Àkàrà díndín pẹ̀lú búrẹ́dì ní òwúrọ̀. Mo sì ń jókòó láti aago méje títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ̀dọ̀ ni ilé ìpamọ́ ara. Tí ṣúgà bá wọlé ju èyí tí ẹ lò lọ, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. Tí ibi tó yẹ kó kó ọ̀rá náà sí bá ti kún, yóò máa kó o sí ara rẹ̀. Kì í dun èèyàn. Àmọ́ tó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀ lè wú, ó lè lé àpá, ó lè le bí ti ọ̀mùtí gan-an."

"Òògùn rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń ta àgbo ẹ̀dọ̀ ní ọjà."

"Ẹ má mu ún. Àgbo mìíràn wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Tí ìwọ̀n yín bá dín kù ní kílò méje, ọ̀rá náà á máa yọ́. Tó bá tó mẹ́wàá, ẹ̀dọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sípò. Ẹ má sáré o. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá febi pa ara rẹ̀ kó lè tètè rù tún lè dá kún ìṣòro ẹ̀dọ̀ rẹ̀."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, omi ni mò ń mu. Ó nira. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní orí fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Arlette dín ọkà mi kù sí ìwọ̀n ìkúùkù kan, ó fi ẹ̀fọ́ gbọ̀mà, ẹ̀wà àti ẹja tí a kò dín dí àlàfo náà, ó sì ń fi ṣíbí wọn epo pupa.

"Bàbá Lydie," ó ní, "ṣé ẹ máa lè jẹ ẹ́ báyìí títí?"

"Màá jẹ ẹ́."

Láràárọ̀, mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ojú ọ̀nà Towé, wákàtí kan ní àlọ àti àbọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí oníbàárà bá gbé maltà wá, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń fún Pacôme. Ó mu ún títí ó fi ní ó ti sú òun.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, ìyá mi sùn kò jí. Kílò mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni mo wọ̀n lọ́sẹ̀ tí a sin ín. N kò dá ìrìn náà dúró.

Aṣọ ìjọ wa gbòòrò, ó gùn dé kókósẹ̀. Kì í jẹ́ kí ojú rí ikùn ẹnikẹ́ni. Àmọ́ èmi ni mo ń fi okùn wọn gbogbo wọn, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ní oṣù kọkànlá, mo ń wá ìwọ̀n ara mi àtijọ́ nínú ìwé náà. Ikùn mi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàléláàádọ́fà ti di mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Lójú ewé kan náà ni mo rí ti Bàbá Léonce. Ní ọdún 2009, ó jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ní ọdún 2023, ó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́fà. Ó ju tèmi lọ lọ́jọ́ tí mo wà nínú àìsàn.

Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí nítorí rẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ bá a.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Dókítà ní inú irú ikùn yìí ni àìsàn mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

"O wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Tí ẹ̀dọ̀ yín bá mọ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Màá jókòó lẹ́yìn títí màá fi kú."

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Berthe, ló fèsì láti inú yàrá: "Ẹ lọ o! Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta kí ẹ má mí hẹlẹ!"

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá, a jọ lọ sí Sakété, èmi àti òun. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Dókítà Mireille ní, "Bàbá, ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ yín. Ṣé ẹ ń mutí?"

Bàbá Léonce kígbe pé, "Ọtí báwo? Èmi?"

Nígbà tó jáde, ó di apá mi mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ní gbogbo ojú ọ̀nà padà sí Pobè, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ìbéèrè tí mo bi ọ́ náà ni dókítà bi mí."

Ní ọjọ́ Àìkú, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ. Ó ní òun kò mutí rí, gbogbo wọn sì mọ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀ òun rí bí ẹ̀dọ̀ Ṣóbándé ṣe rí, nítorí náà òun ti parọ́ mọ́ Ṣóbándé. Ó rìn wá sẹ́yìn, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì mú mi lọ síwájú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Alelúyà. Arlette bú sẹ́kún. Pacôme, tí kì í wọ ilé àdúrà, ń na ọrùn lójú fèrèsé, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, mo tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Dókítà Mireille wo ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọ̀rá tí ẹ̀rọ lè rí kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti dára. Ó ní tí mo bá padà sí ìgò, ọ̀rá náà á padà. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà ìkórè ọdún yẹn, omi tútù ni wọ́n tò sórí tábìlì ìjọ wa, Bàbá Léonce tó ti fi kílò mẹ́fà sílẹ̀ ló ń pín in. Aṣọ tí mo rán fún un kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi òróró yàn mí. Mo rìn dé iwájú láìmí hẹlẹ, ohùn gbogbo ìjọ sì ga débi pé wọ́n gbọ́ ọ lójú títì.

Arlette ló wé gèlè ìyá mi.

Ìyá mi kò gbọ́ òtítọ́ yìí. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọ̀mùtí ni ọmọ òun.