Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ò Bi Ọláṣùpọ̀

Kò sí ọlọ́kadà tó lè bá mi sáré láti Fìdítì dé Ọ̀yọ́. Bí mo bá gbéra, afẹ́fẹ́ gan-an ló máa ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun.

Ọláṣùpọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, akọ̀wé ni n'Íbàdàn, àràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ìgbà tó yá, ìka ọwọ́ òsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ibi tí wọ́n ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì ló gbà lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kókó wà nínú ọpọlọ ẹ̀. Ó tún padà lọ, bóyá ó máa rí ibi tí wọ́n ti sọ pé irọ́ ni. Èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ ló bá bọ̀. Ìpayà sọ ọ́ di olórí fífọ́, kò rí oorun sùn, ó tún gbé ìyẹn náà lọ bi kọ̀ǹpútà. Ó rù débi pé tó bá dúró sóòrùn, òjìji ẹ̀ ò jáde mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ní, "Gbé mi lọ bá Fèyí n'Ílọrà. Mo fẹ́ sọ fún un kó wá ọkọ mìíràn. Mi ò fẹ́ kó di opó kó tó di ìyàwó."

"Ta ló ní ẹ máa kú?"

"Mo kà á ni."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Wọn ò kọ orúkọ. Àmọ́ oògùn ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń tà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń ta ìkòkò, ṣé ó máa sọ pé tilé yín ò tíì fọ́?"

Mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ àyà tèmi náà ń já. Nígbà tá a dé Ìlọrà, mi ò yà. Ó ń gbá mi lẹ́yìn, mo ní afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́, bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́ ni mò ń wà á, bí ẹni gbé ẹyin. Ó di ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́.

Dókítà obìnrin tó rí wa bi í pé, "Ìka wo gan-an ni?"

"Ìka kékeré àtèyí tó tẹ̀ lé e."

Ó ní kó di ọwọ́ òun mú gírígírí, ó wo ojú ẹ̀, ó ní kó rìn. Ó wá ní, "Níbo lẹ máa ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì?"

"Ẹ̀yìn dírẹ́bà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin ibẹ̀ sùn."

Dókítà fi ìka tẹ inú ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. Ọláṣùpọ̀ ta gìrì. Ó ní ó ta dé ìka kékeré.

"Iṣan tó ń lọ sí ìka méjì yìí, ibẹ̀ ló gbà. Irin lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀."

"Kókó inú ọpọlọ tí mo kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, mà?"

"Mi ò rí ohun tó jọ ọ́. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí irin, ẹ má ká a sùn. Bí kò bá lọ, tàbí ọwọ́ ń rọ, ẹ padà wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni irọ́. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́, ẹ wo ohun tó ń tà. Èyí tó dáa náà ò lè rí yín, kò sì lè bi yín níbi tẹ́ ẹ̀ ń jókòó."

Nígbà tá a ń padà, ó ní kí n yà n'Ílọrà.

"Ká lọ sọ fún un kó wá ọkọ mìíràn?"

Ó gbá mi létí jẹ́jẹ́.

Ó ro gbogbo ẹ̀ fún Fèyí. Fèyí ò bínú. Ó mú ọwọ́ òsì ẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìka tó tẹ̀ lé ìka kékeré.

"Èyí gan-an ni mo fẹ́ fi òrùka sí," ó ní. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Bí nǹkan bá tún ṣe yín, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún."

Mo yíjú, mò ń wo táyà ọ̀kadà mi. Bí mo ṣe wo táyà yẹn lọ́jọ́ náà, kò sí táyà tí wọ́n wò bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Nàìjíríà.