Etí Tó Wà Lábẹ́ Irun

Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń pe obìnrin kan ní Elétí Ehoro, ìyẹn ló fi jẹ́ pé irun dídì tó balẹ̀ bo etí ló máa ń ṣe. Àmọ́ irun iwájú orí rẹ̀ ti ń já. Ó wù ú kó gé e mọ́lẹ̀, ẹ̀rù ni ò jẹ́.

Kó lè rí bí yóò ṣe rí tó bá gé e, onídìrí rẹ̀ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó ṣí áàpù tó ń yí àwòrán padà, ó fi ìka kun ibi tí irun wà nìkan lójú fóònù, kò kan ojú, ó wá ní kí fóònù fi irun gígé rọ́pò rẹ̀. Ojú tó jáde, ojú rẹ̀ ni, títí dórí àmì dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ etí rẹ̀ kéré, ó lẹ̀ mọ́ orí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n mú abẹ wá.

Onídìrí mi orí. "Àǹtí mi, mi ò ní tàn yín. Irun ló bo etí yín nínú fọ́tò. Fóònù ò rí i, ló bá ya èyí tó wù ú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kó irun sẹ́yìn, ká tún un yà."

Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kó irun sẹ́yìn. Wọ́n tún un yà, wọ́n sì tún ní kí fóònù fi irun gígé sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, etí rẹ̀ gan-an ló yọ síta gedegbe. Ó wò ó títí. Ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ mọ́, etí náà sì bá orí mu.

"Gé e," ló wí. "Kí ehoro náà jáde síta."