Wọ́n Kà Á sí Ọgọ́ta

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Màmá, ka ìwé ìjábọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ jókòó níwájú rẹ̀, ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Lọ́sàn-án àná, ó gún bàbá káfíńtà kan tó ní àtọ̀gbẹ ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ọgọ́ta yúnítì, mẹ́fà ló sì yẹ kó jẹ́. Bàbá náà dákú, kò tíì jí.

"Ka ìlà kẹta sí mi létí," Màmá wí.

"'Mi ò fara balẹ̀. Àìbìkítà mi ló fẹ́ pa ẹni ẹlẹ́ni.'"

"Pa á rẹ́."

"Màmá, òótọ́ ni."

"Ìdájọ́ ni. Ìgbìmọ̀ ààbò aláìsàn ò lè rí ohun tún ṣe nínú ìdájọ́. Kí lo rí lórí ìwé ìtọ́jú?"

"Ọgọ́ta."

"Kí ni dókítà kọ?"

"Mẹ́fà, ó wá fi lẹ́tà U tì í, ìyẹn yúnítì. Orí U náà padé, ó dà bí òdo."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má sọ pé ìwé dókítà ò ṣeé kà, má sì sọ pé ojú rẹ fọ́. Ta ló yẹ kó bá ọ yẹ abẹ́rẹ́ náà wò?"

"Ẹnì kejì mi. Ó ti sin aláìsàn lọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi nìkan ló kù sídìí aláìsàn mẹ́rìnlélógún."

"Aago mélòó ló lọ? Kọ ọ́. Kì í ṣe àwáwí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni."

Wọ́n jọ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀:

"Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá: nọ́ọ̀sì kejì sin aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó dípò rẹ̀. Aago méjìlá: '6U' ló wà lórí ìwé ìtọ́jú, wọ́n kà á sí 60. Nọ́ọ̀sì kìíní fún aláìsàn ní ínsúlíìnì ọgọ́ta yúnítì láìsí ẹnì kejì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni dé ibùsùn rẹ̀ títí di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà náà, ó ń làágùn, kò sì dáhùn. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ dé 1.4. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, wọ́n pe dókítà. Aago mẹ́rin: dókítà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọbìnrin aláìsàn."

Nọ́ọ̀sì náà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ta ló kọ ti Ẹlẹ́rìn-ín?"

Lọ́dún tó kọjá, nínú wọ́ọ̀dù kan náà, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ka 4U sí ogójì. Aláìsàn yẹn yè é. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé, "Nọ́ọ̀sì yìí kì í fiyè sí iṣẹ́." Wọ́n lé e. Ìgbà tí wọ́n ti rí ẹni tí wọn óò di ẹ̀bi rù, kò sẹ́ni tó tún wo lẹ́tà U.

"Èmi ni," Màmá wí. "Mo rò pé iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

Bàbá káfíńtà jí lọ́jọ́ kejì, ó sì ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Àwọn dókítà ò lè sọ bóyá yóò bọ̀ sípò.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé, alákòóso ilé ìwòsàn ju ìwé náà sórí tábìlì. "Ta ni nọ́ọ̀sì kìíní?"

Màmá gbé ìjábọ̀ ọdún tó kọjá lé ìwé náà lórí. "Èyí ní orúkọ nínú, ọ̀gá. Kí ló wá bá wa tún ṣe?"

Dókítà tó jẹ́ alága ka méjèèjì. Wọ́n fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má kọ U mọ́, kí wọ́n máa kọ "yúnítì" já geere. Pé bí nọ́ọ̀sì kan bá jáde, kí wọ́ọ̀dù mìíràn yá wọn lẹ́nì kan.

"Ẹlẹ́rìn-ín ńkọ́?" Màmá bèèrè.

"Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí," alákòóso wí, ó sì ṣí ìwé tó kàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá lọ sí ilé ìfọṣọ tí Ẹlẹ́rìn-ín ti ń lọ aṣọ. Ó fún un ní ìjábọ̀ tuntun, àti ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ sí alákòóso pé ohun tí òun kọ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ìdájọ́ òun ni. Ẹlẹ́rìn-ín gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kà wọ́n délẹ̀.

"Ó yé kedere," ló wí. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ wàyí."

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, forí jì mí."

"Ẹ̀pa ò bóró mọ́, Màmá." Ó ká ìwé méjèèjì, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì fa ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn láti inú apẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ dí mi ní ìmọ́lẹ̀."