Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìwé Eré Bàbá Ṣóyẹmí

Ẹ gbà mí o! Ta ló sọ fún wọn pé wọ́n máa ń torí ìwé eré bẹ̀bẹ̀? Àwọn àgbàlagbà olórí funfun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì ọ́fíìsì wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n dojú kọ mi, èmi Fatihah tí mi ò tó ọmọ ọmọ wọn!

Iṣẹ́ mi ò le láti ṣàlàyé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé eré ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ fíìmù Alhaja Mùínátù, èmi ni mò ń kà á. Màá fi gbólóhùn kan sọ ohun tí eré náà dá lé, màá ké ìtàn náà kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù sí. Ìdájọ́ ló kàn: gbà á, yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé náà ní ìdájọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ lè kọ ìkọkúkọ lọ́jọ́ kan. Oníṣòwò páànù ni Alhaja tẹ́lẹ̀. Kò sí páànù tó máa rà tí kò ní fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n tó bá di ti ìwé eré, ó ní kí n bá òun fọwọ́ kàn án. Ìròyìn mi nìkan ló ń kà, òun ló sì fi ń mọ eré tó máa náwó lé.

Ni ìwé Bàbá Simeon Ṣóyẹmí bá dé, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Nínú eré náà, Adélékè, ọkùnrin tó fẹ́ kọ́lé sílùú rẹ̀, kú lójú ìwé ọgọ́ta. Wọ́n sunkún, wọ́n sin ín. Ẹ ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, Adélékè ń jẹ ẹ̀bà, nọ́ọ̀sì kan ń bu ọbẹ̀ fún un! Kò sì ya ẹnì kankan lẹ́nu. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí èèwọ̀ ni kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bá òǹkọ̀wé tún ìtàn ṣe nínú ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú eré náà dùn, mo kọ ìyẹn náà. Ìwé: kọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé: yẹ̀ ẹ́ wò.

Ojú Alhaja nìkan ló yẹ kó rí ìròyìn yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí Alhaja ṣe? Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá lórí Wásáàpù!

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo kọ̀ wọ́n," ló sọ fún mi. "Ìwọ ni."

Bí gbogbo ẹbí ṣe dé nìyẹn, bàbá fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Frederick, ló ń sọ̀rọ̀ látorí ilẹ̀.

"Ọmọ wa, jọ̀wọ́, bá wa fi orí jin ìwé náà. Wọ́n ní Adélékè kan wà nínú ẹ̀, má jẹ́ kó kú."

"Èmi kọ́ ni mo pa á, sà! Àbúrò yín ni!"

"Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe."

Ẹ wá gbọ́ o! Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n lè dìde, àṣé òṣìkà ni mí! Wọn ò dìde o. Alhaja fà mí lọ sí kọ̀rọ̀.

"Bí wọ́n bá bínú jáde, ìwọ náà á bá wọn jáde," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí o bá torí ẹ̀bẹ̀ yí ìdájọ́ padà, kí ni n ó tún máa fi ìròyìn rẹ ṣe?"

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju oúnjẹ lọ. Mo padà sọ́dọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka ìròyìn náà sí wọn létí, mo sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìsìnkú, Bàbá Frederick gbórí sókè. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀bà, ó dìde jókòó.

"Ta ló ń jẹ ẹ̀bà?"

"Adélékè, sà."

"Èyí tí wọ́n sin?"

"Òun náà ni, sà."

"Simeon! Kí lèyí?"

"Mo gbàgbé pé mo ti pa á ni," ni Bàbá Simeon fèsì.

"Nọ́ọ̀sì tó ń bu ọbẹ̀ fún un yẹn ńkọ́?" Màmá Mọ́ṣádé, ìyàwó rẹ̀, ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. "Níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

Háà! Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀! Wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn eruku aṣọ wọn.

"Ọmọ wa, kọ̀ ọ́!" ni Bàbá Frederick ń pariwo. "Kọ̀ ọ́ dáadáa!" Ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kí n má baà yí ọkàn padà. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní kí n lọ jókòó sídìí iṣẹ́ mi.

Wọ́n ń bá ara wọn jà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Simeon nìkan ló kù nílẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, kò tíì dì í mú.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lo kà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

Omi lé sójú rẹ̀. "Mo bẹ̀ wọ́n nílé títí kí wọ́n kà á," ó ní. "Wọ́n lè dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ̀, ọmọ mi. Wọn ò lè ṣí i."